Ọ́ọ̀dì dẹ́símà, ọ́ọ̀dì onídàá àti ọ́ọ̀dì Amẹ́ríkà: ìbéèrè àti ìdáhùn

Kí ni ọ́ọ̀dì ń sọ fún wa gan-an?

Ọ́ọ̀dì ni àdéhùn tí onílé tẹ́tẹ́ bá yín ṣe lórí iye tí yóò san bí ohun tí ẹ kówó lé bá ṣẹ. Owó mẹ́ta ló wà nínú àdéhùn yẹn. Àkọ́kọ́ ni ojú owó, ìyẹn owó ara yín tí ẹ fi sílẹ̀. Èkejì ni èrè, owó tí wọ́n fi kún tiyín. Ẹ̀kẹta ni àpapọ̀, ojú owó àti èrè tí wọ́n kà lé yín lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́kàn. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ìṣirò ṣe ni pé ọ́ọ̀dì dẹ́símà ń sọ̀rọ̀ àpapọ̀, àwọn méjì yòókù sì ń sọ̀rọ̀ èrè nìkan.

Kí ló dé tí ìdíje kan ṣoṣo fi ní ọ́ọ̀dì mẹ́ta?

Kò ní mẹ́ta. Ọ̀kan náà ni, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ọ́ ló yàtọ̀. Ẹni tó wà n'Íbàdàn ṣí fóònù rẹ̀, ó rí 2.50. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù rí 6/4. Àbúrò wọn ní Màríláńdì rí +150. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fi iye owó kan náà ta, iye kan náà ni wọn yóò gbà.

Dẹ́símà ni a mọ̀ ní Nàìjíríà, òun náà ni wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù. Onídàá jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Áyálándì, pàápàá níbi eré ẹṣin. Èyí tó ní àmì àròpọ̀ tàbí àmì àyọkúrò níwájú ni ti Amẹ́ríkà.

Báwo ni a ṣe ń ka 2.50?

Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po pẹ̀lú ojú owó yín, àpapọ̀ ló máa jáde. ₦1,000 lọ́nà 2.50 jẹ́ ₦2,500. Ẹ yọ ₦1,000 tó jẹ́ tiyín tẹ́lẹ̀, ₦1,500 ló kù, òun sì ni èrè.

Ọ́ọ̀dì dẹ́símà máa ń ju 1 lọ. Bí ó bá jẹ́ 1.00 gééré, owó yín nìkan ni wọ́n dá padà, kò sí èrè kankan níbẹ̀.

6/4 ń kọ́?

Nọ́ńbà òkè ni èrè, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ni ojú owó. Ohun tí 6/4 wí ni pé bí ẹ bá fi pọ́n-ùn mẹ́rin ta, pọ́n-ùn mẹ́fà ni èrè yín. Ojú owó yín ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nínú mẹ́fà náà. Nítorí náà, pọ́n-ùn mẹ́wàá ni wọn yóò kà lé yín lọ́wọ́.

Bí ẹ bá fi £10 ta, ẹ pín 6 sí ọ̀nà 4, 1.5 ni. £10 lọ́nà 1.5 jẹ́ £15 èrè. Ẹ fi £10 tiyín kún un, £25 ni àpapọ̀. Ẹ rí i pé £10 lọ́nà 2.50 náà jẹ́ £25.

Kí ló fà á tí wọn kì í kọ 3/2 dípò 6/4?

Àṣà àwọn onítẹ́tẹ́ ẹṣin ni. Wọ́n ní àtẹ̀gùn tí ọ́ọ̀dì wọn ń gùn: 5/4, 11/8, 6/4, 13/8, 7/4, 15/8, 2/1. Ó dà bíi pé kò létò, àmọ́ ẹ sọ gbogbo wọn di ìdá mẹ́jọ: 10/8, 11/8, 12/8, 13/8, 14/8, 15/8, 16/8. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí èyí ni ọ́ọ̀dì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó yé mi, nítorí mi ò há a sórí mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń kọ 4/6 dípò 2/3, tí wọ́n sì ń kọ 100/30 dípò 10/3. Iye wọn kò yí padà.

Kí ni àmì tó wà níwájú +150 àti -150 túmọ̀ sí?

Ọgọ́rùn-ún dọ́là ni òpó tí ọ́ọ̀dì Amẹ́ríkà rọ̀ mọ́. Nọ́ńbà tó ní àmì àròpọ̀ ń sọ èrè tí $100 máa mú wá. Pẹ̀lú +150, ẹni tó fi $100 ta jèrè $150. Nọ́ńbà tó ní àmì àyọkúrò yí ọ̀rọ̀ náà po: ó ń sọ iye tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ta kí ẹ tó jèrè $100. Pẹ̀lú -150, $150 ni ẹ máa fi sílẹ̀ kí $100 tó wọlé bí èrè.

Èyí kò ní kí ẹ ní $100 lọ́wọ́ kí ẹ tó lè ta. Bí ẹ bá fi $20 ta ní +150, èrè yín jẹ́ $30. Bí ó bá jẹ́ -150, ẹ pín $20 sí 150, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100: èrè yín jẹ́ $13.33.

Àmì àyọkúrò kò túmọ̀ sí pé wọ́n máa yọ owó kankan lọ́wọ́ yín. Ó kàn ń fi ẹni tí wọ́n gbà pé yóò borí hàn ni.

Ọ̀nà wo ló rọrùn jù láti yí ọ̀kan sí òmíràn?

Ẹ jẹ́ kí dẹ́símà jẹ́ afárá. Ohunkóhun tí ẹ bá ní lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ di dẹ́símà, kí ẹ tó kọjá sí èyí tí ẹ fẹ́. Dípò ọ̀nà mẹ́fà, ẹ ó máa rántí díẹ̀ péré:

```
D = 1 + a/b        (a/b)
D = 1 + A/100      (A > 0)
D = 1 + 100/|A|    (A < 0)
```

D ni dẹ́símà, a/b ni onídàá, A ni ti Amẹ́ríkà. Ìlà méjèèjì tó dúró gbọọrọ yí A ká wí pé kí ẹ gbàgbé àmì àyọkúrò, kí ẹ mú nọ́ńbà náà bó ṣe wà. Fún àpẹẹrẹ, -250: 100 pín sí 250 jẹ́ 0.40, ẹ fi 1 kún un, 1.40 ni.

Ẹ wo ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 1 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. 1 yẹn ni ojú owó yín tó ń padà bọ̀ wá bá yín.

Báwo ni mo ṣe lè ti inú dẹ́símà padà sí onídàá tàbí ti Amẹ́ríkà?

Ẹ kọ́kọ́ yọ 1 kúrò, kí èrè nìkan ṣẹ́ kù. 3.25 di 2.25, ìyẹn 9/4. 1.40 di 0.40, ìyẹn 2/5.

Fún ti Amẹ́ríkà, ẹ wo bóyá dẹ́símà náà tó 2.00. Bí ó bá tó tàbí tó jù bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ohun tó ṣẹ́ kù di ìlọ́po 100, kí ẹ fi àmì àròpọ̀ síwájú: 3.25 di +225. Bí kò bá tó 2.00, ẹ pín 100 sí ohun tó ṣẹ́ kù, kí ẹ fi àmì àyọkúrò síwájú: 1.40 di -250.

Ṣé ọ́ọ̀dì kan wà láàárín -100 àti +100?

Kò sí. -100 àti +100 bára mu, 2.00 ni àwọn méjèèjì, òun náà sì ni 1/1: ẹ fi ọgọ́rùn-ún ta, ẹ jèrè ọgọ́rùn-ún. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun rí ọ́ọ̀dì Amẹ́ríkà tó jẹ́ +60, àṣìkọ ni.

Ohun tó ń da àwọn èèyàn rú níbí ni -200 àti -150. Nínú ìwé ìṣirò, -200 kéré sí -150. Nínú tẹ́tẹ́, ẹni tó wà ní -200 ni wọ́n gbà pé ó sún mọ́ ìborí jù, èrè rẹ̀ ló sì kéré jù: 1.50 ni, nígbà tí -150 jẹ́ nǹkan bíi 1.67.

Leicester City jẹ́ 5000/1. Èló ni ìyẹn nínú àwọn méjì yòókù?

Nígbà tí sáà 2015/16 fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn onílé tẹ́tẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Leicester ní 5000/1 pé wọn yóò gba ife Premier League. Ní ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún ọdún 2016, Chelsea àti Tottenham ta ọ̀mì 2-2, ife sì di ti Leicester. Ẹni tó fi £5 ta jèrè £25,000, £25,005 ni wọ́n kà lé e lọ́wọ́. Lọ́nà dẹ́símà, 5001.00 ni. Lọ́nà Amẹ́ríkà, +500000.

Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí wé ọ́ọ̀dì kékeré, nítorí ibẹ̀ ni 1 tí a ń fi kún un ti ń ṣe nǹkan. Ní 5001.00, bí ẹ bá gbàgbé láti yọ 1 kúrò, £5 péré ni àṣìṣe yín nínú £25,000. Ẹ wá wo 1.20, tó jẹ́ 1/5 tàbí -500. Ẹ fi ₦5,000 ta, ₦6,000 ni yóò hàn lójú fóònù. Ẹni tí kò bá yọ 1 kúrò á máa rò pé òun jèrè ₦6,000, nígbà tó jẹ́ pé ₦1,000 ni. Ó fi ₦5,000 wéwu nítorí ₦1,000.

Mo gbà pé ìdí nìyẹn tí ọ́ọ̀dì kékeré fi ń dùn ún wò nínú dẹ́símà ju bó ṣe yẹ lọ. 1/5 àti -500 kò fi bẹ́ẹ̀ fi òtítọ́ pa mọ́: ọ̀kan sọ pé márùn-ún ń wá ẹyọ kan, èkejì sọ pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ń wá ọgọ́rùn-ún.

Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ "6/4 on" ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣé 6/4 náà ni?

Rárá o. Ọ̀rọ̀ kékeré "on" yẹn yí nọ́ńbà náà dorí kodò: 4/6 ni wọ́n ń sọ. Ojú owó ló wá pọ̀ ju èrè lọ. £10 ní 6/4 jẹ́ £15 èrè. £10 ní "6/4 on" jẹ́ £6.67 èrè. Bí ẹ bá ń gbọ́ ọ́ọ̀dì lẹ́nu èèyàn níbi eré ẹṣin, ẹ ní kí ó tún un sọ, tàbí kí ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Èwo ló san jù nínú 10/11, 1.95 àti -105?

Ẹ gbé gbogbo wọn gba orí afárá. 10/11: 10 pín sí 11 jẹ́ 0.909, nítorí náà 1.909. 1.95 dúró síbi tó wà. -105: 100 pín sí 105 jẹ́ 0.952, nítorí náà 1.952. -105 ló san jù, ó fi ìwọ̀nba díẹ̀ ju 1.95 lọ, 10/11 ló sì kéré jù. Lórí ₦100,000, ìyàtọ̀ láàárín 10/11 àti -105 lé ní ₦4,000. Ojú lásán kò lè rí i.

Ṣé mo lè mọ bí ó ṣe ṣeé ṣe tó láti inú ọ́ọ̀dì?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ pín 1 sí dẹ́símà. 1 pín sí 2.50 jẹ́ 0.40, ìyẹn ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú onídàá, ẹ mú nọ́ńbà ìsàlẹ̀, kí ẹ pín in sí àròpọ̀ méjèèjì: ní 6/4, 4 pín sí 10. Nínú ti Amẹ́ríkà, +150 jẹ́ 100 pín sí 250, àmọ́ -150 jẹ́ 150 pín sí 250, tó fún wa ní ìdá 60.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ní 2.50, ẹ gbọ́dọ̀ jẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú mẹ́wàá kí owó yín má bàa dín kù, kí ó má sì lé.

Mo ro ìṣeéṣe gbogbo wọn pọ̀, ó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ṣé mo ṣìṣe ni?

Ẹ kò ṣìṣe. Èyí tó lé yẹn ni èrè onílé tẹ́tẹ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìdíje bọ́ọ̀lù kan ní 2.10 fún onílé, 3.40 fún ọ̀mì, 3.60 fún àlejò. Ìṣeéṣe wọn jẹ́ 47.62, 29.41 àti 27.78. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 104.81. Nínú ayé gidi, ohun mẹ́ta tí ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kò lè ju ọgọ́rùn-ún lọ. Nítorí náà, 4.81 ni wọ́n ti yọ́ sínú ọ́ọ̀dì kí ẹ tó dé ibẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí onílé tẹ́tẹ́ fúnra rẹ̀ rò, ẹ pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí 104.81, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100. 47.62 di 45.43. Ọ́ọ̀dì tó bá ìyẹn mu jẹ́ 2.20, àmọ́ 2.10 ni wọ́n fún yín. Ìṣirò yìí gbà pé wọ́n pín àlékún náà lé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí bákan náà. Nígbà míràn, wọ́n máa ń gbé èyí tó pọ̀ jù lé ẹni tí kò sí ẹni tó fọkàn sí, nítorí náà ẹ má kà á sí òfin.

Ní Amẹ́ríkà, ẹ ó máa rí -110 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. -110 jẹ́ ìdá 52.38, méjèèjì sì jẹ́ 104.76. Ẹni tó bá ń jẹ ìdajì tẹ́tẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ń pàdánù owó.

Báwo ni mo ṣe máa ṣírò tíkẹ́ẹ̀tì tó ní ìdíje púpọ̀?

Dẹ́símà nìkan ló ṣeé sọ di ìlọ́po ara wọn. Ẹ mú 2.50, 1.80 àti 1.40: èsì rẹ̀ jẹ́ 6.30. ₦1,000 di ₦6,300, èrè jẹ́ ₦5,300. Tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ lọ́nà yòókù, 53/10 ni, tàbí +530.

Ọ́ọ̀dì kan náà lọ́nà onídàá ni 6/4, 4/5 àti 2/5. Bí ẹ bá sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn báyìí, 0.48 ló máa jáde, bíi pé ìdíje mẹ́ta kò lè mú èrè tó ojú owó wá. Ìdí ni pé nínú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, ojú owó àti èrè ìdíje àkọ́kọ́ ló jọ ń wọ ìdíje kejì. Onídàá sì ti fi ojú owó sílẹ̀ sẹ́yìn. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ fi 1 kún ọ̀kọ̀ọ̀kan ná.

Kí ló dé tí èsì mi fi ń yàtọ̀ díẹ̀ sí ti wọn?

Nítorí nọ́ńbà tí wọ́n gé. 4/6 jẹ́ 1.6666 tí kò lópin. Ibì kan á kọ 1.67, ibòmíràn á kọ 1.66. Lórí ìdíje kan, kò tó nǹkan. Ẹ wá to ìdíje márùn-ún pọ̀ pẹ̀lú ₦1,000: pẹ̀lú 4/6 gan-an, ₦12,860 ni, pẹ̀lú 1.67, ₦12,989, pẹ̀lú 1.66, ₦12,605. Ohun tó wà lójú tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa san, kì í ṣe ohun tí ìdá náà jẹ́ gan-an.

Wọ́n fún mi ní tẹ́tẹ́ ọ̀fẹ́. Kí ló dé tí owó tí mo gbà fi kéré sí ohun tí 2.50 sọ?

Nínú ọ̀pọ̀ tẹ́tẹ́ ọ̀fẹ́, wọn kì í dá ojú owó padà, nítorí kì í ṣe owó yín. Èrè nìkan ni wọ́n máa san. ₦2,000 ọ̀fẹ́ ní 2.50 kò ní di ₦5,000, ₦3,000 ló máa dà. Níbí, onídàá ló sọ òtítọ́ tààrà: 6/4 ti ₦2,000 jẹ́ ₦3,000. Ẹ ka àdéhùn wọn kí ẹ tó ṣírò, kí ẹ wo bóyá ojú owó wà nínú ohun tí wọ́n máa san.

Ní eré ẹṣin, wọ́n ní "each-way, 1/5 odds". Ṣé kí n pín dẹ́símà sí márùn-ún ni?

Ibí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ẹ fara balẹ̀ kà á. Tẹ́tẹ́ "each-way" jẹ́ méjì: ọ̀kan pé ẹṣin yín máa gba ipò kìíní, èkejì pé ó máa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé. £5 each-way jẹ́ £10 lápò yín.

Ká ní ẹṣin náà jẹ́ 10/1, tó jẹ́ 11.00. Ìdá kan nínú márùn-ún tí wọ́n ń sọ, èrè ló wà fún. 10/1 di 2/1, ìyẹn 3.00. Ẹni tó bá pín 11.00 sí márùn-ún á rí 2.20, ó ti gé ojú owó rẹ̀ mọ́ èrè. Ẹ yọ 1, ẹ pín in sí márùn-ún, ẹ dá 1 padà.

Bí ẹṣin náà bá gba ipò kejì, £5 ti àkọ́kọ́ ti lọ, £5 kejì mú £15 wá. Ẹ fi £10 ta, ẹ gba £15, èrè jẹ́ £5. Bí ó bá borí, £55 àti £15 ni, £70 lápapọ̀, èrè £60.

Mo rí "80-1" fún ẹṣin kan ní Amẹ́ríkà. Ṣé ọ́ọ̀dì Amẹ́ríkà nìyẹn?

Rárá. Eré ẹṣin wọn ń lo onídàá, ìlà kékeré ni wọ́n fi rọ́pò ìlà dídagun. 80-1 jẹ́ 80/1. Àpẹẹrẹ tó dáa ni Rich Strike, ẹṣin tó borí nínú Kentucky Derby ọdún 2022. Owó tí wọ́n kéde fún un jẹ́ $163.60, lórí $2.

Ẹ wò ó báyìí: $163.60 yẹn jẹ́ àpapọ̀, ojú owó ti wà nínú rẹ̀. Ẹ pín in sí 2, 81.80 ni, ìyẹn dẹ́símà. Ẹ yọ 1 kúrò, 80.80 ni. Ibi tí 80-1 ti wá nìyẹn, wọ́n kàn gé ìyókù ni. Ọ́ọ̀dì náà kò sì dúró nígbà tí àwọn èèyàn ń ta: níbẹ̀, owó gbogbo àwọn tó ta ni wọ́n kó jọ, wọ́n yọ tiwọn, wọ́n pín ìyókù fún àwọn tó jẹ. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ àti ẹni tó rà á kété kí ìlẹ̀kùn tó ṣí, iye kan náà ni wọ́n gbà.